Ìdí Tí Dífídẹ́ńdì Tó Pọ̀ Lójú Fi Lè Jẹ́ Àmì Ewu

Ká ní ẹnì kan ní ilé sí Tánkẹ̀ ní Ìlọrin, tí ilé náà tó mílíọ̀nù 10 náírà, tí àwọn ayálégbé sì ń san 600,000 náírà lọ́dún. Owó ilé yẹn jẹ́ ìdá 6 nínú 100 iye ilé. Bí ògiri bá wá lanu láti ìpìlẹ̀, tí kò sẹ́ni tó fẹ́ rà á ju mílíọ̀nù 4 lọ, owó ilé ọdún tó kọjá yóò di ìdá 15 nínú 100, bẹ́ẹ̀ ayálégbé kankan kò fi kọ́bọ̀ lé owó tó ń san.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìdá dífídẹ́ńdì, ìyẹn owó tí iléeṣẹ́ ń pín fún àwọn tó ní ṣíà rẹ̀, ṣe rí lórí iye ṣíà. Dífídẹ́ńdì tí iléeṣẹ́ san lórí ṣíà kan lọ́dún tó kọjá ni wọ́n sábà máa ń mú, tí wọ́n á fi iye tí wọ́n ń ta ṣíà náà lónìí pín in. Nítorí náà, nígbà tí àwọn oníṣòwò bá fura pé nǹkan kò lọ déédéé, iye ṣíà á já, ìdá náà á sì ga sókè kí àwọn olùdarí tó sọ ohunkóhun nípa dífídẹ́ńdì tó ń bọ̀.

Ìdá kejì tó yẹ ká wò, ìyẹn ìdá èrè tí iléeṣẹ́ pín, kò wo ọjà rárá ní tirẹ̀: dífídẹ́ńdì náà ni wọ́n ń mú, tí wọ́n á fi èrè lórí ṣíà kan, lẹ́yìn owó orí, pín in.

Ẹ jẹ́ ká wo iléeṣẹ́ kan tí ṣíà rẹ̀ jẹ́ 50 náírà, tó jèrè 10 náírà lórí ṣíà kan, tó sì pín 4 náírà. Ìdá àkọ́kọ́ jẹ́ 8 nínú 100, ìkejì jẹ́ 40. Náírà 6 ṣẹ́ kù sápò iléeṣẹ́. Lọ́dún kejì, èrè wálẹ̀ sí náírà 3 àti 20 kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì pín 4 náírà, ṣíà sì já sí 20 náírà. Ìdá dífídẹ́ńdì ti di 20 nínú 100, èyí tó wuni púpọ̀, àmọ́ ìdá èrè tí wọ́n pín ti di 125. Owó tó lé lórí èrè ní láti ti inú èrè àtẹ̀yìnwá wá, nígbà mìíràn ẹ̀yáwó ló ń gbé e ró, kò sì lè pẹ́ kó tó tán.

Bí òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì kan ní Ọ̀fà bá fi 20,000 náírà ra ṣíà 1,000 nítorí 4,000 náírà tó ń retí, tí wọ́n wá gé dífídẹ́ńdì sí náírà kan, 1,000 náírà ni yóò kàn án. Wọ́n á sì yọ ìdá 10 nínú 100 fún owó orí, yóò ku 900.

Ìdá kejì pàápàá lè tanni jẹ. Aláṣọ tó ta ọjà láwìn ní Ọjà Ọba ti kọ èrè sínú ìwé, ṣùgbọ́n owó kò tíì dé ọwọ́ rẹ̀. Nínú ìròyìn ọdọọdún iléeṣẹ́, ojú ìwé tí wọ́n kọ owó tó wọlé àti èyí tó jáde sí ló ń fi irú èyí hàn: bí owó tí iṣẹ́ mú wọlé kò bá tó dífídẹ́ńdì fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta léraléra, àwìn tàbí gbèsè lè wà níbẹ̀, bó ti wù kí ìdá tí wọ́n pín kéré tó.