Dída ìpolówó iṣẹ́ kọ kò sọ pé ẹ mọ iṣẹ́ náà

Ọ̀pọ̀ èèyàn wa tó ń wá iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ní NHS, àjọ ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbà pé béèyàn bá ti da gbólóhùn inú ìpolówó kọ sínú fọ́ọ̀mù, kọ̀ǹpútà á mú un. Lóòótọ́, ọ̀rọ̀ inú ìpolówó ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n èèyàn ló sábà máa ń ka fọ́ọ̀mù yẹn, ìwé tí wọ́n ń pè ní Person Specification sì wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n á mú ohun tí ìwé náà béèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wá ẹ̀rí rẹ̀ nínú ohun tí ẹ kọ, wọ́n á sì fún yín ní máàkì. Gbólóhùn tiwọn tí ẹ dá padà fún wọn kì í ṣe ẹ̀rí.

Ká ní ìpolówó ń wá ẹni tó lè ṣe observations aláìsàn, ìyẹn wíwọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, ìgbóná ara àti irú wọn, tó sì lè tètè sọ fún nọ́ọ̀sì bí nǹkan bá yí padà. Arábìnrin kan tó ti ṣiṣẹ́ ọdún 3 ní ilé ìwòsàn aládàáni kan n'Íbàdàn wá kọ ọ́ pé: "Mo lè ṣe observations aláìsàn, mo sì lè tètè sọ fún nọ́ọ̀sì." Ẹni tí kò fọwọ́ kan aláìsàn rí lè kọ ìyẹn.

Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ yẹn gan-an ló ń ṣe n'Íbàdàn, vital signs ni wọ́n kàn ń pè é níbẹ̀. Bó bá kọ vital signs, ẹni tó ń kà á á lóye, ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù pọ̀ níwájú rẹ̀, observations lojú rẹ̀ sì ń wá. Orúkọ tí wọ́n pe iṣẹ́ náà ni kó mú, kó fi gbólóhùn wọn sílẹ̀.

Yóò wá rí báyìí (Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi kọ ọ́ o): "Ní wọ́ọ̀dù oníbẹ́ẹ̀dì 12, èmi ni mo ń ṣe observations láàárọ̀ àti lálẹ́: ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, ìlùkìkì ọkàn, ìgbóná ara àti mímí. Lóru ọjọ́ kan, ìfúnpá ìyá kan tó bímọ ní ọjọ́ 2 ṣáájú di 160/110. Mo tún un wọ̀n, kò yí padà. Mo pe nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀, mo sì kọ iye náà àti aago tí mo pè é sínú ṣáàtì." Kò sọ níbì kankan pé òun máa ń tètè sọ fún nọ́ọ̀sì, síbẹ̀ ẹni tó kà á ti rí i.

Bí wọ́n bá béèrè ohun tí kò ṣe rí, irú bíi gbígba ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò, kó má kọ ọ́ bí ohun tó ti ṣe. Bó bá wà lábẹ́ Desirable nínú Person Specification, ìyẹn ohun tí wọ́n fẹ́ àmọ́ tí kò pọn dandan, wọ́n ṣì lè pè é láìní in. Bó bá purọ́, wọ́n lè ní kó sọ ìgbà kan tó ṣe é nígbà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, kò sì ní rí nǹkan kan sọ.

Kí ẹ tó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpolówó. Níbi tí ọ̀rọ̀ bíi márùn-ún tàbí mẹ́fà bá ti tò léra bó ṣe wà nínú tiwọn, ẹ bi ara yín pé: níbo ni mo ti ṣe é, fún ta ni, kí ló sì ṣẹlẹ̀? Ìdáhùn yẹn ni kẹ́ ẹ fi rọ́pò wọn.