Bí wọ́n ṣe ń to apá ọjà nínú bísínẹ́ẹ̀sì pláànù tí báńkì máa kà

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ni pé òkè ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀: èèyàn pọ̀ ní Ògùn, tí ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún wọn bá ti ra adìrẹ lọ́wọ́ wa, owó ti dé nìyẹn. Ẹni tó ń yẹ lóònù wò ní báńkì ò rí nǹkan dì mú níbẹ̀. Ohun tó ń wá ni ta ló máa rà á, àti bóyá èrè ẹ̀ á tó san gbèsè lóṣooṣù. Orí káńtà ló yẹ kí wọ́n ti kà á bọ̀.

Ká mú oníadìrẹ kan ní ọjà Ìtòkú l’Ábẹ́òkúta, tó ń ta ìdì oníyáàdì 5 ní ₦8,000. Kọ́sítọ́mà ẹ̀ ọ̀nà mẹ́ta ni: àwọn mẹ́rin láti Èkó tí kálukú ń kó 30 lóṣù, ìyẹn 120, aṣọ ẹbí méjì lóṣù, 40 níkọ̀ọ̀kan, ìyẹn 80, àwọn tó kàn ń yà wọlé, 40. Àpapọ̀ ẹ̀ 240, tó jẹ́ ₦1,920,000. Ìyẹn gbọ́dọ̀ sún mọ́ owó tó ń wọ àkáǹtì ẹ̀, torí wọ́n máa gbé sitétimẹ́ǹtì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, tó bá jẹ́ pé káàṣì ni wọ́n fi ń san púpọ̀ ẹ̀ kó yáa máa lọ san án sí báńkì látìgbà tó bá ti ń ronú àtiyáwó.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni èyí tí lóònù máa fi kún un, ibẹ̀ gan-an ló le jù. Kò tó kí wọ́n kọ ọ́ pé ọjà á gbèrú. Ìwé tí wọ́n ń kọ àwọn tó wá rajà tí ọjà ò sí sí ló ń gbà wọ́n. Ká ní mẹ́ta láti Ìbàdàn ló ń béèrè 20-20 lóṣù, ìyẹn 60, èrè ìdì kan sì jẹ́ ₦2,000 lẹ́yìn aṣọ, aró àti owó iṣẹ́, ₦120,000 nìyẹn. Tí báńkì á bá máa gba ₦90,000 lóṣù, ó tó. Ṣùgbọ́n tí ẹnì kan nínú àwọn mẹ́ta yẹn ò bá wá, ó di ₦80,000, ₦10,000 á wá látinú èrè àtijọ́, kí wọ́n kọ ìyẹn síbẹ̀ fúnra wọn kí báńkì tó béèrè.

Kí wọ́n má kọ “a ò ní orogún”. Ayédèrú tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ láti Ṣáínà wà nínú ọjà kan náà, ó sì pọ́ọ́kú jù, kí wọ́n kọ iye tí wọ́n ń tà á àti ìdí tí kọ́sítọ́mà fi ṣì ń padà wá sọ́dọ̀ tiwọn. Òjò náà ńkọ́? Lóṣù kẹfà sí keje aṣọ kì í tètè gbẹ, iye tí wọ́n máa rí rẹ á dín kù, torí náà kí wọ́n to títà ẹ̀ lóṣooṣù, kí wọ́n má kàn fi 12 sọ ọ́ di púpọ̀.