Ìdí tí omi gbígbóná àti lẹ́mọ́ọ̀nù kò fi lè mú oyin yẹ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan

Omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó nínú ife kan, ìdajì lẹ́mọ́ọ̀nù tí wọ́n fún sí i, oyin ṣíbí tíì kan tàbí méjì. Nígbà tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọn á máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Kì í wo ọ̀fìnkìn tó fa ikọ́ sàn, ṣùgbọ́n ó máa ń jẹ́ kí ikọ́ náà rọlẹ̀, pàápàá lóru.

Bí ọ̀fìnkìn bá dé, awọ inú ọ̀fun á wú, á sì gbẹ. Ọ̀fun gbígbẹ yìí ló ń yúnni, yíyún yẹn ló sì ń pe ikọ́. Oyin ki, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ibi tó bá ṣàn gbà, nítorí náà ó ń bo ibi tó ń yúnni náà fún ìgbà díẹ̀. Adùn rẹ̀ tún ń fa itọ́ sẹ́nu, bẹ́ẹ̀ náà sì ni kíkan lẹ́mọ́ọ̀nù. Gbogbo itọ́ téèyàn bá gbé mì ló ń rin ọ̀fun. Ká sòótọ́, oyin ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ẹni tí kò bá rí lẹ́mọ́ọ̀nù lè lá oyin lásán. Lọ́dún 2007, wọ́n ṣe ìwádìí kan ní ìpínlẹ̀ Pẹnsilféníà ní Amẹ́ríkà lára ọmọ 105 tí ikọ́ ń yọ lẹ́nu. Ọjọ́ orí wọn bẹ̀rẹ̀ láti ọdún méjì. Àwọn òbí tí wọ́n fún ọmọ wọn ní oyin kí wọ́n tó sùn sọ pé oorun òru náà dára ju ti àwọn ọmọ tí wọn ò fún ní nǹkan kan lọ.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan ife yìí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti gbọ́ bẹ́ẹ̀ rí, síbẹ̀ wọ́n á ní, “Omi gbígbóná ṣáà ni, kòkòrò wo ni kò ní kú níbẹ̀?” Kòkòrò tí ọ̀rọ̀ kàn níhìn-ín kì í kú síbẹ̀.

Kilositirídíọ́ọ̀mù bótúlínọ́ọ̀mù ni orúkọ rẹ̀. Inú ilẹ̀ àti eruku ló ń gbé. Bí ibi tó wà kò bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ó máa ń sọ ara rẹ̀ di hóró kékeré kan tí èèpo rẹ̀ le koko, á sì sùn sínú rẹ̀ fún ọdún gbọọrọ. Hóró yìí lè bá eruku wọnú oyin. Oyin kò lómi púpọ̀: nínú ìwọ̀n ọgọ́rùn-ún, omi ibẹ̀ kò ju bíi méjìdínlógún lọ, ṣúgà sì ti di omi náà mú. Ó tún kan díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé adùn rẹ̀ kì í jẹ́ ká mọ̀. Nítorí náà hóró náà kò lè jí nínú oyin, àmọ́ kò kú. Kì í yí àwọ̀ oyin padà, kì í yí òórùn tàbí ìtọ́wò rẹ̀ padà. Kò sí bí ojú ṣe lè mọ ìgò tó wà nínú rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí kò sí, ì báà jẹ́ oyin ògidì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún.

Kí hóró yìí tó kú, ooru gbọ́dọ̀ gbóná tó 121°C fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan. Inú ẹ̀rọ tí wọ́n dé pinpin, tí ooru há mọ́, ni wọ́n ti ń rí irú ìgbóná bẹ́ẹ̀. Omi tó ń hó lórí iná kì í kọjá 100°C, èyí tó wà nínú ife kò sì tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Kódà àárín búrẹ́dì tó wà nínú ààrò kì í gbóná tó 121°C, nítorí náà búrẹ́dì olóyin kò yẹ ọmọ ọwọ́. Ohun tó wá yani lẹ́nu ni pé oró tí kòkòrò yìí ń tu kò le tó hóró rẹ̀: 85°C fún ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó láti bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n oró kọ́ ló wà nínú oyin, hóró ni. Inú ìfun ọmọ ni kòkòrò náà ti ń tu oró náà, ibi tí ooru kankan kò lè dé. Lẹ́mọ́ọ̀nù náà kò lè ṣe é ní nǹkan kan, torí kíkan lè dá kòkòrò tó jí dúró kó má pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n kì í pa hóró. Kó tó dé ìfun ńlá, kíkan ọ̀hún ti pòórá.

Nínú ìfun àgbàlagbà, àìmọye kòkòrò tí kì í ṣeni ní jàǹbá ti jókòó, kò sì sí àyè fún àlejò. Ìfun ọmọ ọwọ́ kò tíì kún bẹ́ẹ̀. Hóró tó bá dé ibẹ̀ lè jí, kó pọ̀, kó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tu oró. Oró náà á gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ sí ojú ibi tí iṣan tó ń gbé iṣẹ́ bọ̀ láti ọpọlọ ti pàdé ẹran ara, á sì dí iṣẹ́ náà lọ́nà. Ẹran ara náà kò ní gbọ́ iṣẹ́ mọ́, á kàn rọ jọwọrọ. Àìsàn náà ni wọ́n ń pè ní bótúlísíìmù ọmọ ọwọ́, ọdún 1976 ni wọ́n sì kọ́kọ́ dá a mọ̀, ní Kalifọ́níà. Àwọn tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà ló ń mú jù. Wọ́n fi ọdún kan ṣe ààlà kí ewu má bàa sí rárá.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe lè ṣẹlẹ̀. Ọmọ oṣù mẹ́rin kan ń húkọ́, wọ́n sì fi ìka tọ́ oyin àti lẹ́mọ́ọ̀nù sí i lẹ́nu fún alẹ́ méjì. Ikọ́ lọ, nǹkan kan kò ṣe é. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, wọ́n rí i pé ó ti ń lọ sí ọjọ́ mẹ́ta tí kò ti yàgbẹ́, wọ́n sì rò pé inú ló kún. Lọ́jọ́ kejì, ọmú kò ṣe é fà mọ́ bíi tẹ́lẹ̀, wàrà ń ṣàn jáde létí ẹnu rẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kọkànlá, ìpéǹpéjú rẹ̀ ti wálẹ̀, ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín, igbe rẹ̀ kò lágbára, ọrùn tó ti ń le sì tún dẹ̀. Ara rẹ̀ kò gbóná. Èyí gan-an ló ń tan èèyàn jẹ, torí ọ̀pọ̀ ni kì í ka ọmọ tí kò ní ibà sí aláìsàn. Láti orí ni rírọ̀ náà ti ń sọ̀ kalẹ̀. Bó bá dé àyà, ọmọ náà kò ní lè mí dáadáa.

Ilé ìwòsàn ni ọ̀rọ̀ náà kàn lójú ẹsẹ̀. Wọ́n á yẹ ìgbẹ́ ọmọ náà wò, ṣùgbọ́n dókítà tó bá fura kì í dúró de èsì kó tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Oògùn kan wà tí wọ́n ń fà sí iṣan, tó ń gbá oró tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ mú. Kò lè tú èyí tó ti mú ẹran ara sílẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi dára kí wọ́n tètè fà á. Orí iṣan gbọ́dọ̀ hù tuntun kí ara tó padà le, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù. Nígbà yẹn, ẹ̀rọ lè máa bá a mí. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ tí wọ́n bá tọ́jú báyìí ló ń gbádùn pátápátá.

Kì í ṣe gbogbo ọmọ tí àìsàn yìí mú ló lá oyin. Eruku àti ilẹ̀ ló kó o ran ọ̀pọ̀ wọn, kò sì sẹ́ni tó lè gba ọmọ lọ́wọ́ eruku. Oyin ni èyí tó ṣe é yẹra fún. Lọ́dún 2018, ọmọ ọwọ́ mẹ́rin ni wọ́n gbé lọ sí ilé ìwòsàn ní Tẹ́sáàsì lẹ́yìn tí wọ́n fún wọn ní rọ́bà tí ọmọ máa ń fà lẹ́nu, tí oyin wà nínú rẹ̀. Ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú lè mu oyin tirẹ̀ ní fàlàlà, torí hóró náà kì í gba inú ọmú kọjá. Ọmọ tó bá sì ti pé ọdún kan lè gba ìdajì ṣíbí tíì sí ṣíbí tíì kan kó tó sùn.

Bí ọmọ ọwọ́ bá ti lá a ná, ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí ọgbọ̀n ọjọ́ ni àmì àkọ́kọ́ máa ń yọ, nígbà tó sì bá yọ, ilé ti gbàgbé oyin tí wọ́n fún un lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Bí dókítà kò bá béèrè, ẹ sọ fún un.