Júláì ló ń dá ìṣirò yín rú

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, àwọn mẹ́ta ni wọ́n tò síwájú tábìlì mi. Ìwé ìgbéga wà lọ́wọ́ kálukú wọn, wọ́n sì ti ṣe ìṣirò sẹ́yìn àpòòwé wá láti ilé. Ọ̀gbẹ́ni kan nínú wọn ní owó àjẹẹ́lẹ̀ òun jẹ́ ₦510,000. Mo ṣírò ó lójú ẹ̀, ó di ₦120,064.52. Ó wò mí tìkà-tẹ̀gbin, ó ní ta ló kó ìyókù.

Ó ti pé ọdún mẹ́rìnlélógún tí mo ti ń ṣe owó oṣù. N kò jẹ kọ́bọ̀ ẹnikẹ́ni rí.

Ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́. Mo ti sọ owó rẹ̀ di odindi kó lè rọrùn láti tẹ̀ lé. Ní Dìsẹ́ńbà 2023, lẹ́fẹ́ẹ̀lì 8 ló wà, ₦80,000 ló ń gbà. Ìgbéga rẹ̀ sí lẹ́fẹ́ẹ̀lì 9 bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní Jánúárì 2024, ṣùgbọ́n Ọ̀kítóbà ni lẹ́tà jáde, Nòfẹ́ńbà ni owó rẹ̀ tó yí padà. Kí lẹ́tà yẹn tó jáde, Ààrẹ Tinubu ti fọwọ́ sí òfin owó oṣù tó kéré jù, ₦70,000, ní ọjọ́ 29 Júláì 2024. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ọ́fíìsì wa fi bẹ̀rẹ̀ tábìlì owó tuntun, ìyẹn ìwé tí iye owó oṣù lẹ́fẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan wà, àmọ́ Sẹ̀tẹ́ńbà la ṣẹ̀ṣẹ̀ rówó san án.

Ọ̀gbẹ́ni náà mú ₦131,000 tó gbà ní Nòfẹ́ńbà, ó yọ ₦80,000 Dìsẹ́ńbà kúrò, ó sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́wàá. Ó tán.

Dìsẹ́ńbà kò kàn wá rárá. Ní Jánúárì, sítẹ́ẹ̀pù rẹ̀ lórí lẹ́fẹ́ẹ̀lì 8 náà ti gòkè bíi ti ọdọọdún, ₦82,000 la sì ń san fún un láti ìgbà náà. Ohun tó yẹ ká san nínú oṣù kan, ẹ yọ ohun tá a ti san nínú oṣù yẹn kúrò: ìyẹn ni àjẹẹ́lẹ̀. Lẹ́fẹ́ẹ̀lì 9 lórí tábìlì àtijọ́ jẹ́ ₦89,000. Nítorí náà, láti Jánúárì dé Júùnù, ₦7,000 lóṣù ni, àpapọ̀ rẹ̀ ₦42,000.

Júláì wá dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ níbí, torí ibí ni àwọn akọ̀wé owó fúnra wọn ti ń ṣubú. Oṣù yìí ní owó méjì nínú. Ọjọ́ 28 jẹ́ ti tábìlì àtijọ́, ọjọ́ mẹ́ta péré, 29, 30 àti 31, ló jẹ́ ti tuntun. Ẹ pín ₦89,000 sí 31, ẹ mú 28 níbẹ̀: ₦80,387.10. Ẹ pín ₦131,000 sí 31, ẹ mú mẹ́ta: ₦12,677.42. Ẹ ro méjèèjì pọ̀, ₦93,064.52. Ẹ yọ ₦82,000 tá a ti san, ó ku ₦11,064.52. Ẹni tó bá fi tábìlì tuntun ka gbogbo Júláì yóò kọ ₦49,000, àwọn aṣàyẹ̀wò ìwé owó yóò sì gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀ tó bá yá.

Ọ́gọ́ọ̀sì ló jẹ́ ₦49,000 lóòótọ́. Ní Sẹ̀tẹ́ńbà àti Ọ̀kítóbà, a ti ń san tábìlì tuntun fún un, ṣùgbọ́n lórí lẹ́fẹ́ẹ̀lì 8, ₦122,000. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦9,000 lóṣù kọ̀ọ̀kan, ₦18,000 fún méjèèjì. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹ ó bá mi níbẹ̀. Owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì ṣì máa yọ nínú rẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan wà ní ẹnu géètì tí wọ́n ń pe ara wọn ní "ẹni tó mọ ọ̀nà", tí wọ́n ń gba ìdá mẹ́wàá owó yín kí àjẹẹ́lẹ̀ lè "tètè jáde". Irọ́ ni. Ọ̀pọ̀ wọn kò lè ka péésílíìpù.

Ti ìyáàfin kan tiẹ̀ ju tiwọn lọ. Wòlíì ló ní kó wọ́n omi àdúrà sórí lẹ́tà ìgbéga rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tó fi dé ọ̀dọ̀ mi, yíǹkì ti ṣàn, orúkọ rẹ̀ ṣì hàn, ọjọ́ tí ìgbéga bẹ̀rẹ̀ ti di àwọ̀ búlúù lásán. Ó búra pé Jánúárì 2023 ni. Mo ní kó lọ gba ẹ̀dà tí wọ́n fòǹtẹ̀ lù láti inú fáìlì rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni wọ́n fi wá a. Jánúárì 2024 ló wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìyáàfin ti yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ lórí àjẹẹ́lẹ̀ ọdún méjì, ó sì ti fi kan òrùlé. Títí di òní ni wọ́n ń yọ gbèsè náà nínú owó oṣù rẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo ń tẹ̀ ẹ́ wọlé lóṣooṣù.