Òun, ń àti lánàá: bí a ṣe ń tún orí ìwé ìtàn tí ojú ìwòye àti àsìkò rẹ̀ ti yẹ̀ ṣe

Bí orí kan nínú ìwé ìtàn àròsọ bá ní àṣìṣe ojú ìwòye, tó tún ní ti àsìkò, ti ojú ìwòye ni ká kọ́kọ́ mú. Àtúnṣe ojú ìwòye máa ń gé odidi gbólóhùn dànù, ẹni tó bá sì ti fi wákàtí méjì to àsìkò gbólóhùn wọ̀nyẹn ti ṣe iṣẹ́ àṣedànù.

Ẹni tí ìran kan ń gba ojú rẹ̀ wá dà bí ìyá, òǹkàwé sì ni ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn. Ibi tí ìyá bá yà sí lọmọ ń bá a yà sí. Ohun tí ìyá ń wò, ọmọ lè yọjú láti èjìká wò ó. Bí àyà ìyá bá já, ọmọ á mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹ̀yìn kì í rí ojú ẹni tó pọ̀n ọ́n, kò sì lè mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó jókòó sí òdìkejì. Bí ẹlòmíì yóò bá pọ̀n ọ́n, a ní láti tú ọ̀já, ká sọ ọmọ kalẹ̀, kí ẹni yẹn tó gbé e. Nínú ìwé, àlàfo láàárín ìran méjì tàbí orí tuntun ni títú ọ̀já yẹn. Àṣìṣe ojú ìwòye ni kí a ju ọmọ láti ẹ̀yìn kan sí èkejì nínú ìpínrọ̀ kan ṣoṣo. Asọ̀tàn arínúróde kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí o: òun kò pọn ẹnikẹ́ni mọ́ ẹni kan, ó mọ inú gbogbo wọn láti gbólóhùn àkọ́kọ́, ìyẹn sì tọ́ bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ìpínrọ̀ yìí. Àdùkẹ́ ló pọn òǹkàwé:

"Àdùkẹ́ ṣí ilẹ̀kùn, ó sì wọlé. Kúnlé jókòó sórí àga, ó ń ka ìwé. Ó rò pé ó ti pẹ́ jù. Ó ń gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀, ó ń jókòó. Inú ń bí Kúnlé nítorí ọ̀rọ̀ tí bàbá rẹ̀ sọ lánàá. Kò wí nǹkan kan. Ojú Àdùkẹ́ pọ́n."

Gbólóhùn kẹta ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ta ló rò? Ta ló pẹ́? "Ó" kò sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, nítorí náà kò lè ràn wá lọ́wọ́ níbí. Ṣùgbọ́n Yorùbá ní irinṣẹ́ kan tí Gẹ̀ẹ́sì kò ní, "òun". Lẹ́yìn "rò pé", "mọ̀ pé" tàbí "ní", "òun" máa ń tọ́ka padà sí ẹni tó ni èrò tàbí ọ̀rọ̀ náà gan-an. "Àdùkẹ́ rò pé òun ti pẹ́ jù": Àdùkẹ́ ló pẹ́. "Àdùkẹ́ rò pé ó ti pẹ́ jù": ẹlòmíì ló pẹ́, tàbí kó jẹ́ pé ilẹ̀ ló ti ṣú. Ó dunni pé ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ń fi "ó" rọ́pò rẹ̀ káàkiri, nítorí "òun" ni àmì ojú ìwòye tó hàn jù nínú èdè yìí.

"Òun" wúlò fún yíyẹ ojú ìwòye wò. Nínú ìran kọ̀ọ̀kan, fa ìlà sábẹ́ gbogbo "òun" tó tẹ̀ lé irú ọ̀rọ̀-ìṣe wọ̀nyẹn, kí o kọ orúkọ ẹni tó ni ín sí ẹ̀gbẹ́ ìwé. Fi "òun ni" àti "òun àti" tí kò tẹ̀ lé wọn sílẹ̀, torí wọn kò jẹ mọ́ èrò ẹnikẹ́ni. Bí orúkọ méjì bá jáde, wo ọ̀rọ̀-ìṣe tó ṣáájú. "Kúnlé ní òun kò jẹun" kò ní wàhálà, ó sọ ọ́ síta, Àdùkẹ́ sì gbọ́. "Kúnlé rò pé òun kò ní jẹun" ni ọmọ tó ti bọ́ sí ẹ̀yìn ẹlòmíì. Bí o bá ń fi kọ̀ǹpútà wá a, wá "ohun" pẹ̀lú, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń tẹ̀ ẹ́ níbi tó yẹ kí "òun" wà.

Àṣìṣe ojú ìwòye méjì ṣì kù nínú ìpínrọ̀ Àdùkẹ́ tí "òun" kò lè fi hàn. "Inú ń bí Kúnlé" mú wa wọ inú Kúnlé tààrà. "Ojú Àdùkẹ́ pọ́n" fara sin ju ìyẹn lọ: Àdùkẹ́ ni wá, kò sì sí dígí níwájú rẹ̀. Ohun tó lè mọ̀ ni pé ojú ń ta òun.

Ó wá kan àsìkò. Ìmọ̀ràn tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù níbí ni pé "ń" ni àsìkò ìsinsìnyí, nítorí náà kí a yọ gbogbo rẹ̀ kúrò nínú ìtàn ohun tó ti kọjá. Irọ́ ni. "Ń" kò sọ ìgbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀, ohun tó ń sọ ni pé nǹkan náà wà lẹ́nu ṣíṣe. "Ó ń ka ìwé" gbọ́dọ̀ dúró, torí Kúnlé ti wà lórí ìwé kí Àdùkẹ́ tó wọlé. Bí a bá yọ "ń" rẹ̀, á dà bíi pé ìgbà tó rí i ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ìwé. Ṣùgbọ́n "ó ń gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀, ó ń jókòó" jẹ́ ìgbésẹ̀ tó tẹ̀ léra, "ń" sì sọ ọ́ di ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí eré bọ́ọ̀lù. Láti yà wọ́n sọ́tọ̀, fi "lẹ́yìn náà" síwájú gbólóhùn náà. Bí ó bá wọlé wẹ́rẹ́, ìgbésẹ̀ ni, yọ "ń". Bí ó bá yí ìtumọ̀ padà, ohun tó ti wà lẹ́nu ṣíṣe ni, fi í sílẹ̀.

Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe bíi "mọ̀", "fẹ́", "ní" àti "wà" kò yí padà rárá yálà lónìí ni tàbí ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, nítorí náà ọ̀rọ̀ ìgbà ló máa ń tú àṣírí. "Lánàá", "lónìí", "lọ́la" àti "báyìí" ni a ń wọ̀n láti ọjọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá wà nínú ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu ẹ̀dá ìtàn jáde, kí wọ́n dúró. Lẹ́nu asọ̀tàn, "lánàá" di "lọ́jọ́ tó ṣáájú", "lọ́la" di "lọ́jọ́ kejì". Bí ìpínrọ̀ Àdùkẹ́ ṣe rí lẹ́yìn àtúnṣe nìyí:

"Àdùkẹ́ ṣí ilẹ̀kùn, ó sì wọlé. Ó rò pé òun ti pẹ́ jù. Kúnlé jókòó sórí àga, ó ń ka ìwé. Àdùkẹ́ gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀, ó sì jókòó. Kúnlé ṣí ewé ìwé náà kan, ó tún ṣí i padà, kò wí nǹkan kan. Ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ta Àdùkẹ́."

"Ó rò" ti gòkè lọ ṣáájú kí Kúnlé tó yọjú, kí "ó" má baà ní ẹni méjì tó lè tọ́ka sí. "Lánàá" lọ pẹ̀lú gbólóhùn tó gbé e, bí a ṣe sọ níbẹ̀rẹ̀. Ìbínú Kúnlé ti di ewé ìwé tó ń ṣí síwá sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ ni kò ríbi dúró sí mọ́: bí ìtàn kò bá lè ṣe láìsí i, kí Kúnlé fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún Àdùkẹ́, tàbí kó dúró de ìran tí Kúnlé fúnra rẹ̀ yóò pọn òǹkàwé.