Bíìmù tí wọ́n dè ní ìpẹ̀kun méjèèjì, ẹrù mélòó ló máa wó o?

Àbúrò kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ẹnjiníà gbé ìṣirò wá bá mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bíìmù yìí ti parí ní 60 kN/m, kí ló dé tẹ́ ẹ kọ 80 síbẹ̀?" Ìṣirò ẹ̀ tọ́ o, kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀, ó kàn jẹ́ pé ó tètè dúró ni.

Ẹ mú wáyà irin kan kẹ́ ẹ fọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ tẹ́ ẹ fi sílẹ̀, á padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ kọjá ibì kan, kò ní padà mọ́, àmọ́ ẹ kíyè sí ọwọ́ yín, wáyà yẹn ò tíì já, ó ṣì ń bá yín jà bó ṣe ń ká lọ. Bí irin bíìmù náà ṣe ń ṣe nìyẹn. Bí ẹrù ṣe ń fipá tẹ bíìmù là ń pè ní mómẹ́ǹtì, èyí tó pọ̀ jù tí ojú kan lára bíìmù lè gbà là ń pè ní Mp, ojú tó bá sì ti dé Mp á máa yí bíi híńjì ilẹ̀kùn tó ti dípẹtà, ó ń yí lóòótọ́ àmọ́ kò jọ̀wọ́ agbára ẹ̀ sílẹ̀.

Àtirí Mp ò le: ẹ fi agbára irin yẹn lọ́nà Zp, ìyẹn nọ́ńbà tó wá látinú bí irin náà ṣe rí, ó wà nínú tábìlì àwọn tó ń ṣe irin. Agbára irin tiwa jẹ́ 250 N/mm², Zp ẹ̀ jẹ́ 720 cm³, torí náà Mp jẹ́ 180 kNm. Gígùn bíìmù jẹ́ mítà 6, wọ́n dè é pinpin ní ìpẹ̀kun méjèèjì, ẹrù sì tẹ́ lé e lórí bákan náà láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì.

Bí ẹrù ṣe ń pọ̀, ìpẹ̀kun méjèèjì ló ń kọ́kọ́ jìyà, torí mómẹ́ǹtì ibẹ̀ jẹ́ wL²/12 nígbà tí àárín ń gba ìdajì ìyẹn péré; w ni ẹrù tó wà lórí mítà kọ̀ọ̀kan, L ni gígùn bíìmù. Ní 60 kN/m, ìpẹ̀kun ti dé 180, àárín ṣì wà ní 90, ibẹ̀ ni àbúrò mi ti sọ pé ó parí. Àmọ́ bíìmù ò tíì wó! Híńjì méjì ti wà ní ìpẹ̀kun, wọn ò lè gba mómẹ́ǹtì kún tiwọn mọ́, àárín ló wá ku tó máa gbé ẹrù tá a bá tún fi kún un, títí tóun náà á fi dé 180. Ìgbà tí híńjì kẹta bá yọ ní àárín ni bíìmù á ká bíi lẹ́tà V, kò sì sóhun tó máa dá a dúró mọ́. Gábor Kazinczy, ẹnjiníà ní Họ́ngárì, ti dán irú bíìmù yìí wò, ó sì gbé èsì ẹ̀ jáde ní 1914.

Ká wá ṣírò ẹ̀. Ká ní àárín wálẹ̀ díẹ̀, δ. Gbogbo ẹrù jẹ́ 6w, tá a bá pín in dọ́gba ìdajì δ ló wálẹ̀, torí náà iṣẹ́ tí ẹrù ṣe jẹ́ 3wδ. Ìdajì bíìmù kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 3, ó yí δ/3, híńjì ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan yí ìyẹn lẹ́ẹ̀kan, ti àárín yí i lẹ́ẹ̀mejì, àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ mẹ́rin. Iṣẹ́ tí ẹrù ṣe gbọ́dọ̀ bá iṣẹ́ tí híńjì gbà dọ́gba:

```
3wδ = 4 × 180 × δ/3 = 240δ
w = 80 kN/m      (w = 16Mp/L²)
```

Ibi tó ti ń kó èèyàn sí wàhálà rèé. Ká ní ẹnì kan fi híńjì kẹta sí mítà 2 látẹ̀gbẹ́ kan dípò àárín, ìṣirò á fún un ní 90, á rò pé bíìmù òun le ju bó ṣe rí lọ. Híńjì tẹ́ ẹ bá fi síbi tí kì í ṣe ààyè ẹ̀, ẹrù tó máa fún yín á máa pọ̀ ju òótọ́ lọ, kò ní dín láéláé. Ẹ ó mọ̀ tẹ́ ẹ bá ya mómẹ́ǹtì ẹ̀: ní 90 kN/m, wL²/8 jẹ́ 405, tá a bá yọ 180 tí ìpẹ̀kun gbà kúrò, àárín á gba 405 − 180, ìyẹn 225, bẹ́ẹ̀ irin yẹn ò lè gbà ju 180 lọ. Ní 80, àárín jẹ́ 360 − 180, ó bọ́ sí 180 gẹ́lẹ́, ìyẹn lọkàn wa fi balẹ̀.

Ẹ má sì gbé ẹrù 80 lé e o, ibi tó ti máa wó nìyẹn, ẹ gbọ́dọ̀ fi àyè ààbò sílẹ̀. Irin tí etí ẹ̀ bá fẹ́lẹ́ jù náà lè ká kó tó ráyè yí bó ṣe yẹ, gbogbo ìṣirò yìí ò kan irú ẹ̀. Èyí tó sì máa ń dà mí láàmú jù ni ìpẹ̀kun méjèèjì yẹn gan-an, torí tí bóòtì tàbí wẹ́ẹ̀dì ìpẹ̀kun méjèèjì bá jọ̀wọ́ ara ẹ̀, ẹrù tó máa wó bíìmù á já wálẹ̀ sí 8Mp/L², ìyẹn 40 kN/m, ìdajì gbáko. Wẹ́ẹ̀dì ìpẹ̀kun la kọ́kọ́ ṣírò lọ́jọ́ náà, èmi àti àbúrò mi, kí n tó fọwọ́ sí 80 tí mo kọ.