Ilé kéú ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n: ìpilẹ̀ṣẹ̀ ìdánudúró tó ń tú pọ́n-na

Bí oníbàárà kan bá dé búkà ní Obáléndé tó ní, "Ẹ fún mi ní ẹran àti ẹja díndín," ọ̀rọ̀ méjì ló wà nínú gbólóhùn yẹn. Ó lè jẹ́ ẹja nìkan ló fẹ́ ní díndín, kí wọ́n bu ẹran tiẹ̀ láti inú ọbẹ̀. Ó sì lè jẹ́ àtẹran àtẹja ló fẹ́ ní díndín. Ẹni tó ń bu oúnjẹ kì í sábà tún béèrè, torí pé ẹnu oníbàárà ti là á. Bó bá fa "ẹran" gùn díẹ̀, tó dánu dúró, tó wá pe "àtẹja díndín" pọ̀, ẹja nìkan ni. Bó bá pe "ẹran àtẹja" láìdúró, tó wá dánu dúró kó tó sọ "díndín", méjèèjì ni. Ẹ kíyè sí "àtẹja" yẹn. Ìpajẹ fáwẹ̀lì tó sọ "àti ẹja" di "àtẹja" kì í fo ibi tí èèyàn bá ti dánu dúró kọjá, ìyẹn ni pé bí ọ̀rọ̀ méjì bá ti wọnú ara wọn báyìí, kò sí ààlà láàárín wọn.

Pọ́n-na ni àwọn onímọ̀ èdè ń pe irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀. Oríṣi tí mo ń sọ níbí ni èyí tí a kò fi mọ ọ̀rọ̀ tí ìparí gbólóhùn so mọ́. Àwọn tó ń sọ ìtàn bí ìdánudúró ṣe ń tú u sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1973, bí ẹni pé yàrá ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà ló bí ìmọ̀ náà. N kò gbà. Àwọn tó ń kàwé sókè fún ẹni tí kò mú ìwé lọ́wọ́ ló ni ín, ilé kéú sì ni ẹ̀rí tó lágbára jù, irú èyí tó wà káàkiri Ìsàlẹ̀ Èkó àti Òkè Pópó.

Kí ìwé tó dé ńkọ́? Àbá ni mo fẹ́ dá níbí, ẹni tó bá ní tiẹ̀ kó mú un wá. Ẹ wo onígángan. Ìlù kò ní kọ́ńsónáǹtì, kò sì ní fáwẹ̀lì. Ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ló ní, pẹ̀lú àkókò tó wà láàárín ìró kan sí èkejì. Ọ̀rọ̀ mẹ́wàá lè ní ohùn kan náà, nítorí náà bí onílù kò bá fi àyè sílẹ̀ níbi tí ìpín ọ̀rọ̀ kan ti parí, ẹni tó ń gbọ́ yóò fi orúkọ ìyá ẹni kan so mọ́ oríkì ẹlòmíràn. Ọmọ awo tó ń kọ́ ẹsẹ Ifá náà ń gbà á ní ìlà kọ̀ọ̀kan lẹ́nu ọ̀gá rẹ̀: ọ̀gá a pe ìlà kan, a dúró, ọmọ a tún un pè. Ibi ìdúró yẹn wà lára ohun tó ń kọ́ sórí. Akígbe ọba tó ń lọ láti òpópónà dé òpópónà kò lè ṣe é kó má mọ̀ pé bí òun bá já gbólóhùn níbi tí kò yẹ, àwọn ará àdúgbò yóò pa àṣẹ mìíràn mọ́. Mo gbà pé àwọn wọ̀nyí ti mọ ohun náà ní ìṣe, wọn kò kàn sọ ọ́ di òfin tí a lè kọ sílẹ̀ ni.

Àwọn olùfẹ́ Gíríìkì yóò ní Arisitotu ti sọ ọ́ ní ọ̀rúndún kẹrin ṣáájú ìbí Kristi. Òótọ́ ni pé ó ṣàròyé nípa gbólóhùn àkọ́kọ́ nínú ìwé Heraklitu, pé a kò mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí "nígbà gbogbo" so mọ́ èyí tó ṣáájú tàbí èyí tó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ọ́ ló bá wí. Kò kọ́ ẹni tó ń kà á ní ohun tó yẹ kó ṣe.

Ẹ̀kọ́ ibi ìdúró àti ibi ìbẹ̀rẹ̀ nínú kíka Kùránì ló kọ́ni lóhun tó yẹ ní ṣíṣe. Sajawandi, tó kú ní 1165, to àwọn ibi ìdúró sí ìsọ̀rí, ó sì fún ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà: míìmù fún ibi tó di dandan láti dúró, jíìmù fún ibi tí ìdúró àti àìdúró ti tọ́, "lá" fún ibi tí a kò gbọ́dọ̀ dúró. Àpẹẹrẹ tí gbogbo àlùfáà mọ̀ wà ní súrà kẹta, áyà keje. Tí a bá tò ó ní Yorùbá bó ṣe wà ní Lárúbáwá, ó lọ báyìí: "Kò sí ẹni tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀ àfi Ọlọ́hun àti àwọn tó rinlẹ̀ nínú ìmọ̀ ń sọ pé, a gbà á gbọ́." Bí òǹkàwé bá dúró lẹ́yìn Ọlọ́hun, Ọlọ́hun nìkan ló mọ̀ ọ́n, àwọn onímọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn tuntun tiwọn. Bí kò bá dúró, àwọn onímọ̀ wà lára àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ àwọn olùtumọ̀ àtijọ́ gba ti àkọ́kọ́, Mujahidi sì wà lára àwọn tó gba ti èkejì. Ìdí nìyẹn tí míìmù kékeré fi wà níbẹ̀ nínú àwọn ẹ̀dà kan, tí àwọn ẹ̀dà mìíràn sì fi àmì tó sọ pé ìdúró ló dára jù síbẹ̀.

Ohun tó jọ mí lójú jù ni pé ìdúró yìí ń yí ìró ọ̀rọ̀ padà. Bí òǹkàwé kò bá dúró, "Alláhu" ni yóò pè kó tó tẹ̀ síwájú. Bó bá dúró, fáwẹ̀lì ìkẹyìn á jábọ́, ó di "Alláh". Etí lásán ti mọ̀ pé ààlà wà níbẹ̀, kódà kí èémí tó dáwọ́ dúró. Ó dà bí "àtẹja" wa, ṣùgbọ́n lódìkejì: lọ́dọ̀ tiwa, fáwẹ̀lì ń jábọ́ níbi tí kò sí ààlà.

Òfin àtúnṣe náà tún wà. Ọmọ kéú tó mú wàláà lọ́wọ́, tí èémí rẹ̀ tán níbi tí ìtumọ̀ kò tíì pé, kò gbọ́dọ̀ mú ọ̀rọ̀ tó kàn kó máa bá a lọ. Yóò padà sẹ́yìn ní ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì, síbi tí ìtumọ̀ ti ṣe é bẹ̀rẹ̀, kó wá kà á kọjá. Bí kò bá padà, àlùfáà á ta á lólobó pẹ̀lú pàṣán tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi ṣí mọ́sálásí Ṣítà-Béè ní 1894, irú ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe tuntun mọ́ l'Ékòó.

Ti ṣọ́ọ̀ṣì kò gùn tó bẹ́ẹ̀, torí pé èdè wa ti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ìdánudúró. Àríyànjiyàn àtọjọ́mọ́jọ́ ni Lúùkù 23:43 lédè Gíríìkì: ṣé "lónìí" ni Jésù ń sọ ọ́ ni, àbí "lónìí" ni olè náà yóò wà ní Párádísè? Nínú Bíbélì Yorùbá, "Lónìí ni ìwọ ó wà pẹ̀lú mi" ni. "Ni" yẹn ti kan "lónìí" mọ́ ohun tó tẹ̀ lé e, ó sì tán. Ẹni tó bá fẹ́ ìtumọ̀ kejì, àfi kó tún gbólóhùn náà kọ. Ìdánudúró kankan kò lè ràn án lọ́wọ́.

Àwọn yàrá ìwádìí wá dé. Ní 1973, Ilse Lehiste gba ohùn àwọn tó ń sọ gbólóhùn pọ́n-na lédè Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀, lára wọn èyí tó jọ ẹran àti ẹja wa: àwọn àgbà ọkùnrin àti obìnrin, ṣé àgbà ni àwọn obìnrin náà? Ní 1976, òun àti Olive pẹ̀lú Streeter fi kọ̀ǹpútà tẹ́ ohùn pẹrẹsẹ, wọ́n sì ń fa àkókò gùn níbì kan ṣoṣo, ìtumọ̀ tí àwọn èèyàn gbọ́ sì yí padà. Àkókò nìkan tó. Ní 1991, Price àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo àwọn akàròyìn rédíò, ohun tí mo sì fi ń rojọ́ nìyẹn: akàròyìn kì í sọ̀rọ̀ bí èrò ọkọ̀. Ní 2001, Carlson, Clifton àti Frazier fi hàn pé kì í ṣe bí ààlà kan ti tóbi tó ni etí ń wò, bí kò ṣe bó ṣe tóbi sí ààlà mìíràn tó ti kọjá nínú gbólóhùn kan náà.

Èyí ló wúlò jù fún wa, ẹ jẹ́ ká lò ó fún gbólóhùn kan: "Bọ́lá sọ fún wa pé wọ́n ti lé awakọ̀ náà lọ́jọ́ Mọ́ńdè." Ṣé ọjọ́ Mọ́ńdè ni Bọ́lá sọ ọ́, àbí ọjọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n lé awakọ̀? Ibi méjì ni ààlà lè wà, lẹ́yìn "wa" àti lẹ́yìn "náà". Bí ti ẹ̀yìn "náà" bá tóbi ju ti ẹ̀yìn "wa" lọ, "lọ́jọ́ Mọ́ńdè" á fò padà sọ́dọ̀ "sọ". Bí ti ẹ̀yìn "wa" bá tóbi jù, "pé" títí dé ìparí á di ìpín kan, ọjọ́ Mọ́ńdè á sì jẹ́ ti lílé. Bí méjèèjì bá dọ́gba, etí á sábà so ó mọ́ èyí tó sún mọ́ ọn jù, ìyẹn lílé. Nítorí náà, ẹni tó ní sísọ lọ́kàn ló gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ jù: kó pe "fún wa pé" pọ̀ láìdúró, kó wá fa "náà" gùn, kó dánu dúró.

Ẹni tó bá fẹ́ wọ̀n ọ́n, kó jẹ́ kí ẹnì kan náà sọ ìtumọ̀ méjèèjì ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá mẹ́wàá, kó da wọn pọ̀ mọ́ra, kó ṣí wọn nínú Praat, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń wọn ìró ọ̀rọ̀. Gígùn fáwẹ̀lì "wa", gígùn fáwẹ̀lì "náà" àti ìdákẹ́ tó tẹ̀ lé ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kó kọ sílẹ̀. "Náà" ti ìtumọ̀ kan ni kó fi wé "náà" ti ìtumọ̀ kejì. Kó má fi "náà" wé "wa", torí pé fáwẹ̀lì inú "náà" gùn jù ú lọ látilẹ̀.

Ibi tí àṣìṣe pọ̀ sí ni ìlà ohùn. Ẹni tó ti ka ìwé lórí èdè Gẹ̀ẹ́sì yóò rí i pé ohùn já wálẹ̀ lórí "náà", á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ààlà ni. Kì í ṣe ààlà. Ohùn ìsàlẹ̀ tó bá tẹ̀ lé ohùn òkè máa ń já wálẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú Yorùbá, yálà ààlà wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ti gba ohùn lò, kò sì ṣẹ́ kù púpọ̀ fún ààlà, ìdí nìyẹn tí àkókò àti ìpajẹ fi jẹ́ ẹ̀rí tó ṣe é gbára lé jù.

Àṣìṣe kejì ni pé a ó gba ohùn sílẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ ti yé gbogbo èèyàn tẹ́lẹ̀, a ó sì kéde pé ìdánudúró kò ṣe nǹkan kan. Snedeker àti Trueswell rí i ní 2003 pé àwọn tó ń pàṣẹ fún ẹnì kejì láti fọwọ́ kan ọ̀pọ̀lọ́ pẹ̀lú òdòdó kì í fi ààlà sí i bí ohun tó wà níwájú wọn bá ti gba ìtumọ̀ kan ṣoṣo. Ìgbà tí wọ́n bá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà lè dojú rú ni wọ́n ń fi sí i. Bó bá jẹ́ ẹja nìkan ni wọ́n dín ní búkà lọ́jọ́ náà, tí oníbàárà sì rí i lórí tábìlì, yóò pe "ẹran àtẹja díndín" ní èémí kan ni, kò sì ní sí ohun tí ẹ ó fi Praat wọ̀n.